Ẹyọ Kọ̀ọ̀kan Ní Ìlà Tirẹ̀: Wúrà Inú Ilé àti Ìwé Adójútòfò

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo ẹbí wa lọ sin òkú àgbà ní Kétu, àwọn olè fọ́ fèrèsé ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Àjàṣẹ́. Wọn kò fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n, wọn kò gbé ẹ̀rọ amómitutù. Àpótí onígi kékeré tó wà lábẹ́ aṣọ nínú yàrá ni wọ́n gbé lọ. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀gbà ọrùn kan wà, pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́rin àti yẹtí méjì tó jọra, gbogbo wọn jẹ́ wúrà.

Àlájà ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. Ó ti ta aṣọ lọ́jà fún ọgbọ̀n ọdún, bí èrè bá sì ti wọlé, wúrà ni ó máa ń fi apá kan rẹ̀ rà. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Àjàṣẹ́ ló rọ ẹ̀gbà ọrùn náà fún un nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó rà ní Mẹ́kà, nígbà tí ó lọ ṣe iṣẹ́ Haji. Ó ti pín wọn tán nínú ọkàn rẹ̀: ọmọbìnrin mẹ́rin ni ó bí, ẹ̀gbà mẹ́rin ni ó rà.

Nígbà tí a padà dé tí a rí fèrèsé tó ti fọ́, Àlájà kò sọkún. Ó ní, «Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ. Mo ní ìwé.» Ìwé tí ó ń sọ ni ìwé adójútòfò ilé rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí àsùráǹsì. Ó ti ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà, ìwé náà sì sọ kedere pé ẹrù inú ilé rẹ̀ ní ààbò títí dé 12,000,000 fáráǹ sẹ́fà. Ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ni olè gbé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 950,000 ni wọ́n san fún un.

Àlájà gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó fún mi ní ìwé náà pé, «Olùkọ́, ìwọ tó gbọ́ èdè Faransé, bá mi wo ibi tí wọ́n ti parọ́.» Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí mo mọ̀ pé àpótí bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé púpọ̀ láti Ṣábẹ dé Àjàṣẹ́ àti títí dé Lomé.

Àlà tó wà nínú mílíọ̀nù méjìlá

Nínú orí tó sọ̀rọ̀ nípa olè jíjà, ìwé náà ya àwọn ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹrù ilé yòókù: wúrà, fàdákà, òkúta iyebíye àti ohun ọ̀ṣọ́ tí a fi wọ́n ṣe. Fún àwọn wọ̀nyí, ó gbé gbèdéke méjì kalẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹyọ kan tí a kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kò lè gbà ju 200,000 lọ, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Èkejì, gbogbo àwọn tí a kò kọ lápapọ̀ kò lè gbà ju 1,000,000 lọ. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kan wà pé ẹni tí ó bá ní ohun tó níye lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ìwé ẹ̀rí iye rẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ó tún wà níbẹ̀ pé nínú owó èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ san, 50,000 àkọ́kọ́ wà lọ́rùn ẹni tó ni ẹrù.

Iye inú gbèdéke wọ̀nyí máa ń yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ẹ óò bá nínú ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ilé. Ẹni tí ó bá ka ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan yóò rí mílíọ̀nù méjìlá. Inú lọ́hùn-ún ni àlà náà wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Àlájà kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, kò sì tọ́jú rìsíìtì. Fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó mú wá. Nínú fọ́tò náà, a rí ẹ̀gbà ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gèlè bo etí rẹ̀, nítorí náà wọn kò gba ọ̀rọ̀ yẹtí wọlé. Ẹyọ márùn-ún ni ó kù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì dúró sí 200,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,000,000. Wọ́n yọ 50,000 kúrò, ó ku 950,000. Kò sí ibi tí ìṣirò náà ti yẹ̀.

Ìdí tí wọn kò fi gba «wúrà mi» lásán

Àlájà bi mí pé kí ló dé tí wọn kò fi béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ìbéèrè tó dára ni. Ẹni tó bá wo àga, ó lè mọ ohun tí àga bẹ́ẹ̀ ń tà lọ́jà. Kò sì sí olè tí yóò ki àga bọ àpò. Wúrà kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tó wà nínú rẹ̀ kò hàn sí ojú, ó sì kéré débi pé ọwọ́ kan lè gbé ogójì ọdún iṣẹ́ ènìyàn lọ. Bí wọ́n bá ti yọ́ ọ nínú iná, kò sí ẹni tí yóò tún mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ wo ẹ̀gbà ọwọ́ Àlájà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ gíráàmù 16. Wúrà tí wọ́n ń tà ní Mẹ́kà sábà máa ń jẹ́ ti kárà 21, ìyẹn ni pé nínú ìdá ẹgbẹ̀rún, 875 jẹ́ wúrà gidi, ìyókù sì jẹ́ fàdákà tàbí bàbà tí wọ́n fi mú un le. Nítorí náà, gíráàmù 14 wúrà gidi ni ó wà nínú ẹ̀gbà kan. Bí ó bá jẹ́ pé wúrà kárà 18 ni, èyí tí wọ́n ń tẹ 750 sí lára, gíráàmù 12 péré ni ì bá wà níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ bàbà tí wọ́n fi wúrà pa lára ni, kò sí ohun tí a lè kà sí wúrà níbẹ̀. Ẹ̀gbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọra nínú fọ́tò bí ìbejì. Fọ́tò ń jẹ́rìí pé Àlájà wọ ẹ̀gbà. Kò lè jẹ́rìí ìwúwo rẹ̀, kò sì lè sọ irú wúrà tí ó jẹ́.

Òfin adójútòfò tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tí wọ́n ń pè ní Òfin Síìmà láti inú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Yaundé ní ọdún 1992, sọ pé adójútòfò ohun ìní kò gbọdọ̀ sọ ènìyàn di ọlọ́rọ̀. Ohun tí ó sọnù ni a ń dá padà, a kì í fi kún un. Ẹni tó bá sì ní òun pàdánù ni ó gbọ́dọ̀ fi hàn ohun tí ó pàdánù. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tí kò rí wúrà náà rí, tí kò sì rí ìwé rẹ̀, ní ìdí láti fi àlà sí i. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣáájú, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń dáàbò bò, wọ́n á gba owó ọdọọdún tó bá a mu, wọ́n á sì lè béèrè pé kí a fi í sínú àpótí irin tí a dè mọ́ ògiri. Adéhùn nípa ẹyọ náà ti parí kí olè tó dé.

Kí ló dé tí ìlà kan kò tó?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí tàn kálẹ̀ nínú ẹbí, ọmọ àbúrò Àlájà kan sáré lọ sí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé òun pé: «Ohun ọ̀ṣọ́ wúrà, 4,000,000.» Ó rò pé òun ti gbọ́n. Mo ní kí ó jókòó, mo sì bi í pé, «Bí ẹ̀gbà kan bá sọnù nínú mẹ́wàá tí o ní, mélòó nínú mílíọ̀nù mẹ́rin náà ni tirẹ̀?» Kò lè dáhùn. Ilé-iṣẹ́ náà kò sì ní lè dáhùn.

Olè kì í sábà kó gbogbo ẹrù. Ó lè jẹ́ pé ẹyọ méjì wà lọ́rùn rẹ lọ́jọ́ náà, mẹ́ta wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ, ìyókù ni wọ́n gbé. Ìlà kan ṣoṣo kò sọ ohun tó lọ, kò sì sọ ohun tó kù. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé tó ní gbèdéke fún ẹyọ kan: ìlà tí kò dárúkọ ẹyọ kankan kò yọ ẹyọ kankan kúrò lábẹ́ gbèdéke náà. Ọmọ wa ì bá máa san owó lórí mílíọ̀nù mẹ́rin, kí ó sì tún padà sí 200,000 rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá nílò rẹ̀.

Báyìí ni ìlà kan ṣe yẹ kí ó rí fún ẹ̀gbà ọrùn Àlájà: «Ẹ̀gbà ọrùn kan, wúrà kárà 18 (750), gíráàmù 42, gígùn rẹ̀ sẹ̀ntímítà 60, ó ní àmì ewé mẹ́ta ní iwájú, kò ní òkúta, 1,560,000 fáráǹ, ìwé ẹ̀rí onídìíyelé pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀.» Ẹni tí kò rí i rí lè fi ìlà yìí mọ ohun tí ó jẹ́, alágbẹ̀dẹ sì lè fi í rọ òmíràn tó jọ ọ́. Yẹtí méjì tó jọra lè jẹ́ ìlà kan, ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ pé méjì ni, kí a sì béèrè ohun tí wọn yóò san bí ẹyọ kan ṣoṣo bá sọnù.

Ìwé ẹ̀rí iye: ohun tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀

Ìwé ẹ̀rí iye kì í ṣe rìsíìtì. Rìsíìtì ń sọ iye tí a ra nǹkan nígbà kan; ó wúlò, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ìwé tó máa ń bá òkúta dáyámọ́ǹdì wá láti ilé àyẹ̀wò kì í ṣe ìwé ẹ̀rí iye bákan náà, nítorí ó ń sọ ìwúwo òkúta náà, àwọ̀ rẹ̀ àti bí ó ṣe mọ́ tó, ṣùgbọ́n kì í sọ iye owó. Ìwé ẹ̀rí iye ni èyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kọ lẹ́yìn tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ohun náà wò.

Onídìíyelé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lórí òṣùwọ̀n, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Yóò wá àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i: 750, 875, tàbí orí ẹyẹ idì kékeré tí Faransé ń tẹ̀ sí wúrà kárà 18. Ṣùgbọ́n kò ní dúró níbẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà sí bàbà. Yóò fi ohun náà fa ìlà sórí òkúta dúdú, yóò kán omi ásíìdì sí i, yóò sì wò bóyá ìlà náà yóò pa rẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán wo ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn yára, ṣùgbọ́n ojú ohun náà nìkan ni ó ń rí dáadáa. Bí wúrà tí wọ́n fi pa á bá nípọn, ó lè tàn án jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi ń wọ̀n ọ́n nínú omi nígbà mìíràn: sẹ̀ntímítà onígun mẹ́ta kan wúrà gidi wúwo tó gíráàmù 19.3, èyí tó ju ìlọ́po méjì bàbà lọ.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni iye ń tẹ̀lé. Níbí ni àṣìṣe pọ̀ sí, nítorí ohun kan náà lè ní iye mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀gbà ọrùn náà ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì gbà pé gíráàmù wúrà gidi kan jẹ́ 40,000 fáráǹ, kí ìṣirò lè rọrùn. Gíráàmù 42 ti kárà 18 ní gíráàmù 31.5 wúrà gidi nínú. Bí a bá yọ́ ọ, 1,260,000 ni iye wúrà tó wà níbẹ̀. Bí Àlájà bá gbé e lọ tà, ẹni tó ń rà á yóò fẹ́ jèrè, kò ní san tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kí alágbẹ̀dẹ rọ òmíràn tó jọ ọ́, yóò san owó wúrà, yóò sì san owó iṣẹ́. Bí owó iṣẹ́ bá jẹ́ 300,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,560,000. Iye tó kẹ́yìn yìí ni adójútòfò sábà máa ń fẹ́. Nítorí náà, ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ sọ kedere pé iye tí a fi lè rọ́pò ohun náà ni òun kọ, kí ó sì sọ ọjọ́ tí ó kọ ọ́. Ìwé tí ó kàn kọ «iye rẹ̀ jẹ́ báyìí» lè di àríyànjiyàn.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kí ẹ tó náwó, pé ìwé ẹ̀rí ta ni wọn yóò gbà, nítorí kì í ṣe gbogbo alágbẹ̀dẹ ni wọ́n gbà. Kí ẹ sì yẹra fún onídìíyelé tó ní kí ẹ fún òun ní ìdá kan nínú iye tí òun bá kọ. Bí iye náà bá ṣe pọ̀ tó ni èrè rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, ẹ̀yin ni yóò sì máa san owó ọdọọdún lórí àsọdùn tí ẹnikẹ́ni kò ní san padà fún yín.

Iye tí a sọ àti iye tí a jọ gbà

Ìlà inú ìwé pàápàá ní oríṣi méjì. Nínú èkíní, ẹni tó ni wúrà ló sọ iye, ilé-iṣẹ́ sì kọ ọ́. Iye yẹn kò jẹ́ ìlérí. Òkè tí wọn kò ní kọjá lásán ni. Lọ́jọ́ tí wúrà bá sọnù, wọn yóò tún béèrè ẹ̀rí, wọn yóò sì san iye tó jẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Nínú èkejì, onídìíyelé ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì sì ti fọwọ́ sí iye náà ṣáájú. Nígbà náà, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ sọ pé iye náà pọ̀ jù ni yóò wá ẹ̀rí. Èkejì yìí wọ́n jù, ṣùgbọ́n fún ohun tí kò ní rìsíìtì, tí ìyá ìyá fi sílẹ̀, òun ni ó fi ọkàn balẹ̀ jù.

Bí iye wúrà bá sì gòkè, ìwé àtijọ́ yóò máa gbó. Ká ní gíráàmù wúrà gidi kúrò ní 40,000, ó di 60,000. Ẹ̀gbà ọrùn yẹn yóò di 2,190,000, ṣùgbọ́n 1,560,000 ni ó ṣì wà nínú ìwé. Bí olè bá gbé gbogbo rẹ̀, 1,560,000 ni òpin. Bí apá kan rẹ̀ nìkan bá bàjẹ́, tí àtúnṣe rẹ̀ yóò jẹ́ 500,000, wọ́n lè sọ pé ìdá tí ẹ fi síbẹ̀ ni ẹ óò gbà: wọ́n á sọ 500,000 di ìlọ́po 1,560,000, wọ́n á sì fi 2,190,000 pín in. Ohun tí yóò jáde jẹ́ bíi 356,000. Òfin Síìmà fàyè gba ìṣirò yìí, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, kí a tún ìwé ẹ̀rí wò ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sí ara wọn. Bí ìwúwo àti kárà bá ti wà nínú ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà kò ní pẹ́.

Ohun tí ìlà kankan kò bò

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tí a ti kọ ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ewu. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ilé ń san fún olè tó fọ́ ilẹ̀kùn, tó fo ògiri, tàbí tó fi ipá gbà á. Wọn kì í san fún òrùka tó yọ́ bọ́ sínú omi, tàbí ohun tó pòórá tí a kò mọ ìgbà tó lọ. Ẹni tí ń gbé wúrà rẹ̀ lọ sí òde ìyàwó gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ààbò náà ń bá a jáde nílé. Bí ilé bá sì ṣófo fún ọjọ́ púpọ̀, ààbò wúrà lè dá dúró. Ní ti Àlájà, òru méjì ni a lò ní Kétu. Ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ni, bóyá 950,000 náà kò ní sí.

Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀sùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ kí àkókò inú ìwé tó kọjá. Àkókò ti olè jíjà sábà máa ń kúrú ju ti àwọn jàǹbá yòókù lọ. Orúkọ àwọn ẹyọ tí ẹ fún ọlọ́pàá àti èyí tí ẹ fún ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bára mu.

Mo ṣírò ohun tí Àlájà ì bá gbà. Ẹ̀gbà ọrùn, 1,560,000. Ẹ̀gbà ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 14 wúrà gidi àti 40,000 owó iṣẹ́, jẹ́ 600,000. Mẹ́rin jẹ́ 2,400,000. Yẹtí méjèèjì, 300,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,260,000. Bí a bá yọ 50,000, ó ku 4,210,000. Owó ọdọọdún rẹ̀ ì bá gòkè díẹ̀, yóò sì san owó onídìíyelé.

Nígbà tí mo ka ìṣirò yìí fún un, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọ inú yàrá, ó sì mú òrùka kan jáde, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú náà, àti okùn iyùn ìyá rẹ̀. Ó ní, «Ó dára. Kọ ìwọ̀nyí.» Mo sọ fún un pé iyùn náà nílò ẹni tó mọ iyùn, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ wúrà, àti pé iye tí a óò kọ kò ní sí ti ìyá rẹ̀ nínú. Ó ní òun mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a lọ wọn òrùka náà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sí nínú àpótí kan náà pẹ̀lú òrùka. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kútọnu ni ó wà, fọ́tò rẹ̀ sì wà nínú fóònù mi.